Ọdún Àkọ́kọ́ Láìsí Fẹ́lẹ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Èmi wà láàyè, ara mi le, òtútù ibí nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Màámi, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó? Wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi! Láti ọjọ́ Ajé, èmi kọ́ ni mò ń gbá ewé òdòdó nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọ̀gá mi, ìyá àgbà tí mo máa ń sọ fún yín pé wọ́n fi okùn so awò ojú wọn mọ́rùn tí wọ́n á tún máa wá a káàkiri, àwọn ni wọ́n ní kí n wá jókòó sídìí tábìlì káàdì. Àwọn èèyàn á pè wá lórí fóònù, wọ́n á ní ká bá àwọn gbé òdòdó lọ fún ẹnì kan, ká sì bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ sínú káàdì. Ìdajì wọn kì í mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ ṣáà kọ nǹkan tó dáa." Èmi ni mò ń wá nǹkan tó dáa náà báyìí. Mo ní àga tèmi, mo ní kálàmù tèmi, iná wà lókè orí mi. Inú mi dùn débi pé mo wọ bàtà méjì tí kò bára mu lọ síbi iṣẹ́ lánàá.

Ọdún ti ń sún mọ́lé, ìgbà yẹn ni ọjà wa máa ń yá jù. Ọ̀gá ní oríṣi káàdì kan ń dun àwọn pé kò sí lórí pẹpẹ wa: káàdì fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, tó wá fẹ́ ṣe ọdún àkọ́kọ́ láìsí i. Wọ́n ní kí n kọ ọ́. Bí ó bá dáa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ogúnjọ́ oṣù tó pé, tábìlì yìí á sì di tèmi pátápátá. Bí kò bá dáa, ìgbálẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Màámi, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ ṣe ọdún àkọ́kọ́ láìsí Bàbá mi. Kí làwọn èèyàn sọ fún yín tó wọ̀ yín létí? Kí ni wọ́n sọ tó dùn yín? Mo mọ̀ pé bí mo bá pè yín, ẹkún la máa jọ sun, ìdí tá a fi ń kọ lẹ́tà tá a ń yà ní fọ́tò ránṣẹ́ síra wa náà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ fún mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọdún bà yín lẹ́rù. Mo ti bá Bàbá Onítáyà, àbúrò Bàbá mi, sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa jẹ́ kí ara tù yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Jígí


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá

Jígí mi,

Ayọ̀ abara tíńtín! Mo ké débi pé ìyá tó ń gbé òdìkejì ògiri sáré wọlé pẹ̀lú omi nínú garawa, ó rò pé iná ló ń jó wa. Mo ní rárá o, ọmọ mi ló kúrò nídìí ìgbálẹ̀, ó bọ́ sídìí kálàmù. Ìwọ tí tíṣà máa ń bi pé ṣé adìẹ ló bá ọ kọ iṣẹ́ àmúrelé rẹ! Ọlọ́run tóbi. Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún wọn pé àyà ni kí wọ́n ti máa kọ́kọ́ wá awò wọn.

Ìbéèrè rẹ dáa, mo sì ní ìdáhùn lọ́wọ́, nítorí mo ti ń fi máàkì sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn nínú mi látọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ. Ẹnì kan ní, "Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ọmọ yín ti dàgbà." Mo dúpẹ́. Ṣé ìwọ lo máa wá bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀? Ẹlòmíràn ní kí n gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ṣé àga ni ọkàn ni, tí mo fẹ́ gbé e? Àwọn kan ní, "Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà pè wá." Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbé fóònù tó máa sọ pé ẹ wá bá mi jókòó, ilé yìí ti tóbi jù?

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba máàkì pé. Wẹ́dà ni, èyí tó ń jó irin ní ìkòríta. Ó ní, "Màmá, láàárọ̀ ìgbéyàwó mi, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Fẹ́lẹ́ pa kílípà tó fẹ́ fi gẹrun mi, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan orí tó ń mì. Ó ń sọ ìtàn fún mi títí ara mi fi balẹ̀, ló bá wá gé e." Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi! Ọkọ mi tó ti kú tún ṣe nǹkan tuntun lójú mi.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Jígí, kò sẹ́ni tó pe orúkọ Fẹ́lẹ́ létí mi mọ́, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sọ bàbá rẹ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí wọn. Gbogbo èèyàn ń kí ara wọn kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi wọ́n á dákẹ́. Tíṣà rí mi lọ́nà ọjà, ó yà sí kọ̀rọ̀ tí kò já síbì kankan, ó dúró síbẹ̀ títí mo fi kọjá. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé orí àga bàbá rẹ ni wọ́n ti mọ ara wọn, fìlà ni wọ́n ń dé kiri nínú oòrùn yìí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti lọ gẹrun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ míràn, ojú ń tì wọ́n. Ṣé ikú ọkọ ń ràn ni? Àbí bí èèyàn bá ti kú, ìyàwó rẹ̀ náà ti kú?

O rántí bí ìlà àwọn tó fẹ́ gẹrun ṣe máa ń rí bó bá ku ọ̀la ọdún, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí òpó iná. Lọ́dún yìí, màá tilẹ̀kùn ilé, màá tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, màá sì sùn títí ọdún fi máa kọjá lọ. Má gbìyànjú láti yí mi lọ́kàn padà.

Màámi rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fà á ya. Ẹ kà á dópin.

Mo kọ káàdì náà, mo sì gbé e fún ọ̀gá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Mo kọ ọ́ pé, "Ọdún ayọ̀ ni fún yín, ẹ má banú jẹ́ mọ́, ó ti lọ síbi ìsinmi, ọ̀la á dáa." Ọ̀gá kà á, wọ́n wá awò wọn, wọ́n rí i, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ta lò ń kọ lẹ́tà yìí sí? Ẹni yìí ò ní orúkọ. Ẹni tó kú náà ò ní orúkọ. O ti pàṣẹ ayọ̀ fún un, o ti ní kó má sunkún, o sì ti sọ ọ̀la tí ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe nínú ọkàn tirẹ̀?" Wọ́n fi pẹ́ńsù fa gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ó ti lọ" nìkan ni wọn ò fà.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti wọlé, aránṣọ ni, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òdòdó ló wá rà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ wa. Ó ní lọ́dún tí ọkọ òun kú, àwọn ẹbí rò pé àwọn ń ṣàánú òun, kò sẹ́ni tó kí òun kú ọdún, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkọ òun. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n sin ín lẹ́ẹ̀kejì, òun nìkan ló sì wà níbi ìsìnkú náà.

Màámi, mo gbé kálàmù sílẹ̀. Nítorí pé èmi ni. Èmi ni mo ní kí Bàbá Onítáyà sọ fún gbogbo àdúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má kí yín kú ọdún, kí wọ́n má dárúkọ Bàbá mi, kí wọ́n má yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ti sọ fún mi nígbà kan pé a kì í gbé káàdì tó ń tàn yanranyanran fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, èmi wá rò pé ìdákẹ́jẹ́ ló dáa jù. Wọn ò sá fún yín. Èmi ni mo di ẹnu wọn.

Ẹ foríjì mí. Ẹ fèsì, bó jẹ́ èébú.

Jígí


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejìlá

Màámi,

Ẹ ò fèsì. Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà náà. Mo ń kọ káàdì àwọn ẹlòmíràn, ọwọ́ mi ò sì sí níbẹ̀. Lónìí mo fi káàdì ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ẹ jẹun.

Jígí


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá

Jígí,

Mo jẹun. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì dùn.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ tí mo bí ló lọ jókòó sókè òkun tó ń ti ilẹ̀kùn ẹnu àwọn èèyàn mọ́ mi! Mo mú ọ̀pá, mo forí lé ilé Bàbá Onítáyà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lọ́wọ́ nígbà tó rí mi, ó gbàgbé ara rẹ̀, táyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn olóyún. Mo ní, "Kí lo sọ fún wọn?" Ó ní, "Ohun tí Jígí ní kí n sọ ni." Mo ní, "Bí Jígí bá ní kí o bẹ́ sódò ńkọ́?" Ìgbà yẹn ni táyà bẹ́ gbàmù. A jọ dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, èmi àti àbúrò ọkọ mi, eruku bò wá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Jígí, mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Onítáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ tí o rán òun nítorí pé òun fúnra òun ò mọ bí òun ṣe máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n òun láìsunkún. Ó ti ń wá ìdí láti dákẹ́, ìwọ lo bá a rí àwíjàre.

Torí náà mo ti foríjì yín, ìwọ àti òun. Ìfẹ́ ló ṣe yín, ìfẹ́ tí kò béèrè ọ̀nà.

Gbọ́ ọ̀rọ̀ mi fún káàdì rẹ. Ẹ má gba ọdún lọ́wọ́ mi. Mi ò kú. Ẹ kí mi kú ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí ẹni pé àga kan ò ṣófo níbẹ̀. Ẹnu kan náà tó ń kí èèyàn kú ọdún lè kí i kú àfẹ́kù, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀? "Ẹ kú ọdún, ẹ kú àfẹ́kù Fẹ́lẹ́." Ó tán. Kí wọ́n wá fi ohun kan tí wọ́n rántí kún un, bíi ti Wẹ́dà. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara wọn ni wọ́n ń tù nínú.

Màámi rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá

MÀÁMI MI!

Wọ́n gbà á! Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́! Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún ọ̀gá, wọ́n dìde lórí àga, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní, "Ìkíni méjèèjì nínú ẹnu kan? Ta ló kọ ọ́ lọ́nà yìí?" Mo ní Màámi ni. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ fẹ́ iṣẹ́.

Ẹ wo bí a ṣe ṣe é. Páálí rẹ̀ funfun, kò tàn, ewé kan ṣoṣo ló wà níwájú. Nínú rẹ̀ a kọ "Ẹ kú ọdún, ẹ kú àfẹ́kù", a wá fi àlàfo sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á kò lè fi ránṣẹ́ láìkọ orúkọ ẹni tó kú síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta fún ohun tí wọ́n rántí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni a kọ "Kò pọndandan kí ẹ fèsì" sí, nítorí ọ̀gá ní gbèsè ni èsì jẹ́ lọ́rùn ẹni tó rẹ̀. Wọ́n ní a máa gbé e jáde kí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ló ń bani lẹ́rù jù. A ó tún máa fi ìwé pélébé kan sínú rẹ̀ láti rán ẹni tó rà á létí pé kó tún kí ẹni náà lẹ́yìn ọdún, nígbà tí àlejò bá ti lọ tí ilé bá ti dákẹ́. Aránṣọ ọjọ́sí ló ra ti àkọ́kọ́, ó ní àbúrò òun ni òun ń rà á fún.

Tábìlì ti di tèmi, Màámi!

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń béèrè kí n tó ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí Bàbá Onítáyà lọ sọ fún àdúgbò rèé: "Jígí ní òun ṣìṣe. Ẹ lè kí Màmá. Ẹ dárúkọ Fẹ́lẹ́. Ẹ má bi í léèrè ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kó lè sọ pé rárá. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ má kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ bá Màmá dáná." Èyí tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ fà á.

Jígí yín tó ń fò sókè


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejìlá

Mo fa "dáná". Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mi. Èyí tó kù, kí ó lọ sọ ọ́. Mi ò ṣèlérí pé màá ṣílẹ̀kùn o.

Màmá ọ̀gá káàdì


Ọjọ́ kejì ọdún

Jígí mi, ọmọ Fẹ́lẹ́,

Ìwọ náà kọ́kọ́ jókòó, ó ti kàn ọ́ báyìí.

Nígbà tó ku ọ̀la ọdún, mo tilẹ̀kùn bí mo ṣe sọ. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ tí ẹnì kan kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dúró kó kàn án lẹ́ẹ̀kejì kí n lè bínú, kò kàn án. Ni mo bá yọjú lójú fèrèsé. Jígí! Ìlà wà níta! Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí òpó iná, Wẹ́dà ló ṣáájú, Tíṣà tẹ̀ lé e, gbogbo wọn pẹ̀lú fìlà lórí. Mo ṣílẹ̀kùn. Wẹ́dà ní, "Màmá, ẹ kú ọdún, ẹ kú àfẹ́kù Fẹ́lẹ́. Ní oṣù tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó kú, ẹ̀yin lẹ di kílípà mú, tó ń júwe fún yín. Mo wá jókòó sórí àga. Bí ẹ ò bá fẹ́, a ó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó sì lọ." Ló bá ṣí fìlà.

Irun, ọmọ mi! Igbó kìjikìji! Gbogbo wọn ṣí fìlà, orí gbogbo wọn rí bákan náà. Kò sẹ́ni tó lọ gẹrun níbì kankan látọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú. Wọn ò lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, o sì ti ní kí wọ́n má yà sọ́dọ̀ mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ta òróró sí ẹnu kílípà, mo gbọn aṣọ ọrùn, mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ má mirí." Ọwọ́ mi ò fẹ́lẹ́ bíi tiẹ̀. Mo fi ìlà wíwọ́ kan sí orí Tíṣà tó máa bá a wọ ọdún tó ń bọ̀. Orí kọ̀ọ̀kan ló gbé ìtàn Fẹ́lẹ́ kan wá. Bàbá Onítáyà ló ń gbálẹ̀, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsunkún, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Lánàá, ọjọ́ ọdún gan-an, ilé kún. Lóòótọ́, nígbà tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí mi ò gbọ́ ìjà iyọ̀, mo wọ yàrá lọ, mo jókòó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá fà mí jáde. Mo jáde nígbà tó wù mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Nígbà tí mo gé irun Wẹ́dà tán, ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn orí òun. Ó wá wò yíká, ó ní, "Jígí ńkọ́? Ta ló kí òun?" Mo pa kílípà. A ń wo ara wa. Ọmọ tó kọ káàdì fún gbogbo ayé, tó to ẹnu àdúgbò fún mi láti òkè òkun, òun náà ló ń ṣe ọdún àkọ́kọ́ láìsí bàbá rẹ̀, nínú òtútù, kò sì sẹ́nì kan nínú wa, èmi ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, tó kọ ìlà kan sí i. Láti kékeré rẹ lo ti ń dúró lẹ́yìn àga, tí ò ń gbé jígí kékeré dání kí àwọn oníbàárà lè rí ẹ̀yìn orí wọn. Ibẹ̀ lo ti gba orúkọ. Kò sẹ́ni tó gbé e fún ìwọ rí.

Ọ̀gá rẹ ní ẹ̀yìn ọdún ni ilé ń dákẹ́. Nítorí náà, gba tìrẹ.

O kú ọdún, Jígí. O kú àfẹ́kù Fẹ́lẹ́.

Ohun tí mo rántí nìyí, mo sì mọ̀ pé o ò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ tí o rìnrìn àjò, bàbá rẹ fi jígí náà kọ́ sórí ìṣó. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn òun, á ní, "Ẹ gbà mí gbọ́, ó dáa. Ẹni tó ni jígí ò sí nílé." Gbogbo ọkùnrin àdúgbò yìí ni kò mọ bí ẹ̀yìn orí wọn ṣe rí fún ọdún púpọ̀, nítorí tìrẹ.

Mo mú un kúrò lórí ìṣó láàárọ̀ yìí. Mo ti nù ún.

Kò pọndandan kí o fèsì.

Màámi rẹ,
tó ń gbé jígí dání